Àádọ́ta ni, kò gbọdọ̀ dín: bí a ṣe ń kọ eré ọlọ́jà olórí kunkun àti ẹni tó ń nájà

Ìbéèrè: Mo kọ eré orí ìtàgé kékeré kan fún ẹni méjì, ìyá ọlọ́jà kan tí kò fẹ́ dín owó kù, àti ọkùnrin kan tí kò fẹ́ san iye tí wọ́n pè. Ìṣẹ́jú márùn-ún ló yẹ kó gbà. Nígbà tí a kà á sókè, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ẹ̀rín fi tán. Ìyá ń sọ pé kò gbà, ọkùnrin ń sọ pé kó dín in. Mi ò sì mọ bí màá ṣe parí rẹ̀. Kí ló kù díẹ̀ káàtó, báwo ni mo sì ṣe máa kọ ọ́ tí àwọn òṣèré á fi lè lò ó?

Ìdáhùn: Ẹ ti fi ẹnu ara yín sọ ibi tí ẹ̀rín kú sí. Bí ẹnì kan bá ń sọ pé “kò gbà,” tí èkejì ń sọ pé “ẹ dín in,” ariwo wà lórí ìtàgé, ṣùgbọ́n nǹkan kan ò yí padà. Òǹwòran yára gan-an. Ó ti mọ̀ látìgbà tí wọ́n ti pe owó pé ẹnì kan máa gbà fún ẹnì kejì níkẹyìn, ìyẹn ló sì ń dúró dè. Bí kò bá rí nǹkan tuntun kankan nígbà tó ń dúró, á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ibòmíràn. Ẹ dán èyí wò: ẹ fa igi la ìlà mẹ́rin kọjá láàárín eré yín, kí ẹ sì kà á fún ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Bí kò bá mọ̀ pé ẹ yọ nǹkan kan kúrò, òkú ìlà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Àtúnṣe rẹ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀. Kí ẹ tó kọ ìlà kan ṣoṣo, ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní òfin kan tó lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. “Olórí kunkun” nìkan ò tó, torí pé òṣèré tí ẹ bá fún ní ìyẹn máa dijú, á sì máa pariwo. Òfin ló ṣeé ṣe eré. Ti ọlọ́jà: iye tí mo bá pè ni mo ń gbà. Ti olùrà: n kì í san iye tí wọ́n bá pè. Ẹ kíyè sí i pé kò sí èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ owó nínú méjèèjì. Ká ní owó ló ká wọn lára ni, ọlọ́jà á pe 50, olùrà á pe 20, wọ́n á pàdé ní 35, kálukú á sì gba ilé rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n níbi tí òfin bá ti pàdé òfin, kò sí àárín tí wọ́n lè pàdé sí. Ọkùnrin yìí lè san iye yòówù láyé àfi 50. Obìnrin yìí kò lè gba iye mìíràn láyé àfi 50. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rín ti ń sun, ibẹ̀ náà sì ni òpin eré yín fara pa mọ́ sí. Ẹ má lọ wá òpin síta, ẹ má fi òjò, olè tàbí ọlọ́pàá parí eré tí òfin méjì bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé máa ń gbàgbé, ìyẹn ìdí tí ẹnì kankan ò fi lè ṣíwọ́. Bí ọjà mìíràn bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, olùrà á kàn lọ síbẹ̀ ni. Bí ọlọ́jà bá ti tà púpọ̀ lónìí, kò ní ní ohun tó ń dù. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ló kù, kí ilẹ̀ sì ti máa ṣú, kí ọlọ́jà má sì tíì tà rárá láti àárọ̀. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ èyí lẹ́nu. Bí ọlọ́jà bá ṣí àpótí owó rẹ̀, tó dojú rẹ̀ délẹ̀, tí nǹkan kan ò já bọ́, gbogbo òǹwòran ti gbọ́.

Ẹ wá mú ìwé mìíràn, kí ẹ kọ àkàbà owó sí i. Ti ọlọ́jà: 50, 50, 50, 50. Ti olùrà: 20, 30, 40, 45. Ẹ rí i pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń gun àkàbà, èkejì dúró sójú kan, bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ kó rí. Àlàfo tó wà láàárín wọn jẹ́ 30, ó di 20, ó di 10, ó di 5. Bí àlàfo bá ṣe ń kéré sí i ni ìjà gbọ́dọ̀ máa le sí i. Èèyàn méjì tó ń jà lórí 30 ní ohun tí wọ́n ń jà lé. Àwọn tó ń jà lórí 5 bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó ló ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé kí ìjà le jù ní ìbẹ̀rẹ̀ nígbà tí àlàfo ṣì pọ̀, kó wá máa rọ̀ bí owó ṣe ń súnmọ́ra. Ẹ má sì jẹ́ kí iye pọ̀ jù. Bí olùrà bá ń fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan kún un, òǹwòran á sọnù sínú ìṣirò. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin tó láti dé 45, lẹ́yìn náà kí àkàbà ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò retí.

Lórí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan, olùrà gbọ́dọ̀ yọ ohun ìjà tuntun. Ní 20, ó bú ọjà náà. Ní 30, ó di ọmọ ọlọ́jà. Ní 40, ó ń lọ. Ní 45, ó ń bi í léèrè pé kí ni 5 jẹ́. Kò gbọdọ̀ lo ohun ìjà kan lẹ́ẹ̀mejì. Iṣẹ́ ọlọ́jà yàtọ̀: kò ní mú àwáwí tuntun wá láti ọ̀dọ̀ ara rẹ̀, ohun tí olùrà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ni yóò gbà, tí yóò sì dá padà fún un. Bí “mi ò gbà” bá jẹ́ gbogbo èsì rẹ̀, ògiri ni. Bí ó bá fi ọ̀rọ̀ olùrà dá olùrà lóhùn, èèyàn ni, orí kunkun rẹ̀ sì ti ní ọgbọ́n nínú.

Eré náà nìyí ní kíkún. Mo fi àga ṣe ọjà wọn, torí pé àga ṣeé jókòó lé, ó ṣeé mì, ó ṣeé gbé rù, kò sì sí ibi tí wọn ò ti lè rí àga fún eré. Mi ò dárúkọ irú owó tí wọ́n ń ná. Ẹ lè fi owó tiyín sí i, bí ẹ bá ti lè rí ìwé owó kan ṣoṣo tó jẹ́ iye tí ọlọ́jà pè.

ÀWỌN TÓ Ń ṢERÉ
ỌLỌ́JÀ, obìnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Iye tó bá pè ló ń gbà.
OLÙRÀ, ọkùnrin bí ẹni ogójì ọdún. Kì í san iye tí wọ́n bá pè.

ORÍ ÌTÀGÉ: Tábìlì kékeré kan ní apá ọ̀tún. Àpótí owó wà lórí rẹ̀. Àga onígi kan ṣoṣo wà láàárín, níwájú. Ìrọ̀lẹ́ ni.

(ỌLỌ́JÀ ń palẹ̀ mọ́. Ó ṣí àpótí owó, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, nǹkan kan ò já bọ́. Ó pa á dé. OLÙRÀ wọlé láti apá òsì, ó yọ ìwé owó àádọ́ta kan, ó wò ó, ó tú àpò tó kù, kò rí nǹkan. Ó fi owó náà pamọ́.)

OLÙRÀ: Ẹ kú ọjà o, Ìyá. Èló ni àga yìí?
ỌLỌ́JÀ: Àádọ́ta.
OLÙRÀ: Ó dáa. Èló wá ni jálẹ̀?
ỌLỌ́JÀ: Àádọ́ta.
OLÙRÀ: Iye tí ẹ pè é nìyẹn. Iye tí ẹ máa gbà ni mò ń bèèrè.
ỌLỌ́JÀ: Ẹnu kan náà ni mo fi pè é tí mo fẹ́ fi gbà á.
OLÙRÀ: (ó yí àga náà po) Ogún.
(ỌLỌ́JÀ ń palẹ̀ mọ́ lọ.)
OLÙRÀ: Ìyá, mo ní ogún.
ỌLỌ́JÀ: Mo gbọ́. Mò ń retí ọgbọ̀n tó kù.
OLÙRÀ: (ó mi àga) Ẹ wò ó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú.
ỌLỌ́JÀ: Àga gún. Ilẹ̀ ni kò gún.
OLÙRÀ: (ó gbé àga síbòmíràn, ó mì ín) Ibí yìí ńkọ́?
ỌLỌ́JÀ: Ilẹ̀ kan náà ni.
OLÙRÀ: (ó jókòó sórí àga, ohùn rẹ̀ rọ̀) Ìyá mi. Ẹ wò mí dáadáa. Ṣé mi ò jọ ọmọ yín?
ỌLỌ́JÀ: (ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀) Ẹ jọ ọ́.
OLÙRÀ: Ẹ ṣeun, Ìyá. Ọgbọ̀n.
ỌLỌ́JÀ: Òun náà san àádọ́ta.
OLÙRÀ: (ó dìde) Ogójì. Bí ẹ ò bá gbà, mò ń lọ.
ỌLỌ́JÀ: Ẹ máa rọra o. Ilẹ̀ ò gún.
(OLÙRÀ gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó dúró, ó ń retí. ỌLỌ́JÀ kò wò ó. Ó tún gbé ẹsẹ̀ méjì, ó wúkọ́. ỌLỌ́JÀ jókòó sórí àga. OLÙRÀ jáde tán. Ìdákẹ́jẹ́. Ó padà wọlé kíákíá.)
OLÙRÀ: Ṣé ẹ pè mí?
ỌLỌ́JÀ: Rárá o.
OLÙRÀ: Ó dà bíi pé mo gbọ́ tí ẹ pe nǹkan.
ỌLỌ́JÀ: Àádọ́ta nìkan ni mo pè.
OLÙRÀ: Márùndínláàádọ́ta! Ẹ gbọ́, Ìyá, márùn-ún péré ló kù láàárín wa.
ỌLỌ́JÀ: Bó bá jẹ́ péré, ẹ fi kún un.
OLÙRÀ: Bó bá jẹ́ péré, ẹ yọ ọ́.
ỌLỌ́JÀ: N kì í yọ.
OLÙRÀ: N kì í fi kún. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò san iye tí wọ́n pè rí.
ỌLỌ́JÀ: Láti ọjọ́ tí mo ti ń tajà, mi ò gba ohun tó dín sí iye tí mo pè rí.
(Ìdákẹ́jẹ́. Wọ́n ń wo ara wọn.)
OLÙRÀ: Ohun tó dín?
ỌLỌ́JÀ: Ohun tó dín.
OLÙRÀ: Ó dáa. Ẹ gba márùndínlọ́gọ́ta.
(Ìdákẹ́jẹ́ gígùn.)
ỌLỌ́JÀ: Kí lẹ wí?
OLÙRÀ: Ẹ̀yin ò gba ohun tó dín. Èmi ò san iye tí ẹ pè. Márùndínlọ́gọ́ta.
ỌLỌ́JÀ: Àádọ́ta ni mo pè é!
OLÙRÀ: Ọgọ́ta!
ỌLỌ́JÀ: Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dín in kù.
OLÙRÀ: (ó gba àga lọ́wọ́ rẹ̀, ó jókòó) Kò gbà.
ỌLỌ́JÀ: Ẹ tiẹ̀ wò ó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú!
OLÙRÀ: Àga gún. Ilẹ̀ ni kò gún.
ỌLỌ́JÀ: Ó tó! Ẹ mú owó wá! Ẹ mú mọ́kàndín...
(Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. OLÙRÀ rọra dìde.)
OLÙRÀ: Mọ́kàndín kí ni, Ìyá?
ỌLỌ́JÀ: (jẹ́jẹ́) Láàádọ́ta.
OLÙRÀ: Mo rà á!
(Ó fi ìwé owó àádọ́ta lé e lọ́wọ́, ó gbé àga rù, ó ń lọ. Ó dúró, ó yí padà, ó na ọwọ́.)
OLÙRÀ: Ìyá, ọ̀kan tèmi dà?
(ỌLỌ́JÀ ṣí àpótí, ó dojú rẹ̀ délẹ̀. Nǹkan kan ò já bọ́. Ó wo OLÙRÀ, ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́.)
ỌLỌ́JÀ: Kò sí ṣéńjì.
(Iná kú.)

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí àkàbà ti ṣẹ́. Láti 20 dé 45 ni òǹwòran ti gbà pé òun mọ ọ̀nà: ó ku 46, ó ku 47. Dípò ìyẹn, olùrà fo 50 kọjá, ó sì dé 55. Èèyàn á rẹ́rìn-ín nítorí pé ìwà wèrè ni, síbẹ̀ kò sí ibi tó ti rú òfin rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àwọn méjèèjì sọ òfin wọn jáde ketekete kó tó ṣẹlẹ̀, ní ìlà méjì tó tẹ̀ léra, tí a kọ ní ìlànà kan náà: “láti ọjọ́ tí mo ti dáyé,” “láti ọjọ́ tí mo ti ń tajà.” Bí ẹ bá yọ ìlà méjì yẹn, òǹwòran á rò pé olùrà ti ya wèrè, kò ní rí i pé ọgbọ́n ló dá. Ó sì tún dùn sí i nítorí pé wọ́n ti rí i tó tú gbogbo àpò rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé àádọ́ta péré ló ní lápò tó fi ń pe ọgọ́ta.

Látibẹ̀ lọ, ẹnu ti yí padà. Ọlọ́jà ló ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n dín in, ọlọ́jà ló ń bú ọjà ara rẹ̀, olùrà ló ń gbèjà rẹ̀. Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ tuntun fún apá yìí rárá. Ìlà tí ẹni àkọ́kọ́ ti sọ ni ẹnì kejì gbọ́dọ̀ mú, láì yí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan padà. “Àga gún. Ilẹ̀ ni kò gún” wáyé lẹ́ẹ̀mejì, gbólóhùn náà sì jẹ́ ọ̀kan náà nígbà méjèèjì. Bí òṣèré bá sọ pé “àga yìí dára, ilẹ̀ ló burú” nígbà kejì, ẹ̀rín ti lọ nìyẹn, torí pé etí òǹwòran ń dúró de ohùn tó ti gbọ́ tẹ́lẹ̀. Láàárín méjèèjì, “Ẹ máa rọra o, ilẹ̀ ò gún” ń ṣiṣẹ́ ìrántí, kí gbólóhùn náà má bàa tutù kí wọ́n tó padà dé ibẹ̀.

Òpin eré yìí dúró lórí nǹkan méjì tí ẹ ti gbìn sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀: àpótí tó ṣófo àti ìwé owó kan ṣoṣo. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gbìn wọ́n, kí ojú òǹwòran lè wà níbẹ̀. Ẹ má sì tọ́ka sí wọn láàárín eré. Bí ọlọ́jà bá sọ ní àárín pé “mi ò tiẹ̀ ní ṣéńjì,” ẹ ti tú àṣírí. Ìṣe àpótí náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní òpin, ṣíṣí, dídojú délẹ̀, ìdákẹ́jẹ́, kí ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá lè dá a mọ̀. Ẹ tún rí i pé ọlọ́jà gba àádọ́ta rẹ̀ níkẹyìn láì jẹ́ pé ó borí, olùrà sì ná ọjà náà já láì jẹ́ pé ó jèrè. Bí ẹ bá jẹ́ kí ẹnì kan borí pátápátá, apá kan nínú àwọn òǹwòran á bínú sí yín.

Ẹ wò ó bí gbólóhùn tó ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín ṣe ń parí. “Mo gbọ́. Mò ń retí ọgbọ̀n tó kù.” Ọ̀rọ̀ tó gbé ẹ̀rín wà ní ìparí, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Ká ní ọlọ́jà sọ pé “mò ń retí ọgbọ̀n tó kù, torí pé àádọ́ta ni mo pè é tẹ́lẹ̀,” ẹ̀rín á bẹ̀rẹ̀, àlàyé á sì gùn ún lórí. “Òun náà san àádọ́ta” rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń ṣàtúnṣe, ẹ wo ìparí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì gé ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Ní ti ìlànà kíkọ, orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló ń ṣáájú ìlà, ìṣe sì wà nínú àkámọ́. Ohun tí ojú lè rí tàbí tí etí lè gbọ́ nìkan ni kí ẹ kọ sínú àkámọ́. “Inú bí i” kì í ṣe ìṣe. “Ó gba àga lọ́wọ́ rẹ̀” ni ìṣe. Kò yẹ kí àkámọ́ wà ní gbogbo ìlà pẹ̀lú, nítorí pé òṣèré tí wọ́n bá ń sọ ohùn tó máa lò fún ní gbogbo ìgbà kì í gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń sọ mọ́. Ọ̀tún àti òsì jẹ́ ti òṣèré tó kọjú sí òǹwòran. Ẹ kọ iye owó ní lẹ́tà nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹ má lo nọ́ńbà, kí ẹni tó ń kà á má bàa dúró láti ṣírò bí wọ́n ṣe ń pè é. Nínú eré yìí, ìyẹn ṣe pàtàkì gan-an, torí pé orí “mọ́kàndín” ni ọlọ́jà ti gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ ń sọ, ẹni tó bá sì kọ 49 sílẹ̀ ti ba ibẹ̀ jẹ́.

Àga níláti wà níwájú, kó yí díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ẹ bá gbé e sí iwájú tábìlì gan-an, olùrà á kọ ẹ̀yìn sí òǹwòran nígbàkígbà tó bá ń bá ọlọ́jà sọ̀rọ̀, ìdajì ẹ̀rín á sì bá ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Ẹ fi aago wọn eré náà pẹ̀lú ìṣe inú rẹ̀, ẹ má ka ọ̀rọ̀ nìkan. Jíjáde àti pípadà olùrà gba ìlà díẹ̀ péré lórí ìwé, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣe é bó ṣe yẹ, ó lè tó ogún ìṣẹ́jú àáyá, ó sì wà lára ibi tó dùn jù. Ẹni tó bá sáré lọ sáré bọ̀ ti jù ú nù. Òǹwòran gbọ́dọ̀ rí i pé ó ń retí kí wọ́n pe òun padà, pé ìpè náà ò wá, àti pé ìtìjú ń mú un bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀ tó kàn. Lẹ́yìn tó bá jáde, ẹ jẹ́ kí ọlọ́jà dá nìkan jókòó díẹ̀ láì ṣe nǹkan kan.

Nínú ìdánrawò, ohun mẹ́ta ló sábà máa ń bà á jẹ́. Àkọ́kọ́ ni ariwo. Bí ohùn bá ti dé òkè ní 20, kò sí ibi tí wọ́n máa gbé “Ọgọ́ta!” sí. Ẹ ní kí wọ́n sọ gbogbo apá àkọ́kọ́ bí ẹni tó ń bèèrè ọ̀nà, kí igbe àkọ́kọ́ jẹ́ “Márùndínláàádọ́ta!” Èkejì ni kí ọlọ́jà máa rẹ́rìn-ín sí ọgbọ́n ara rẹ̀. Bó bá rẹ́rìn-ín ṣáájú ìparí, ẹ̀rín ìkẹyìn ò ní ìtumọ̀ mọ́. Ní tirẹ̀, òtítọ́ ló ń sọ: ilẹ̀ ni kò gún lóòótọ́. Ẹ̀kẹta ni kí òṣèré máa fi iye tirẹ̀ kún un, kó ní “ó dáa, méjìlélógójì,” torí pé ó rí i pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹ kọ̀ ọ́ fún un pátápátá. Wọ́n lè fi ìṣe kún un bí wọ́n ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n iye kan ò gbọdọ̀ yí padà. Bí ẹ̀rín bá sì dé, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn dúró títí á fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, kó tó la ẹnu. Kó má dúró kó tán pátápátá, torí ìdákẹ́jẹ́ á ti wọlé.

Bí ẹ bá ka èyí pẹ̀lú aago, tó sì kéré sí ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ fa àárín 20 sí 40 gùn, ẹ fi ohun ìjà kan sí i láàárín ọgbọ̀n àti ogójì. Olùrà lè gbìyànjú àga náà ní oríṣiríṣi ọ̀nà, kí ọlọ́jà sì ní èsì kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn 45, ẹ má fi ìlà kankan kún un. Ibẹ̀ ni eré ti ń sáré, bí ẹ bá sì rí ìlà tẹ́ ẹ lè yọ níbẹ̀, ẹ yọ ọ́.